Bí a ṣe ń yẹ lẹ́tà ńlá wò nínú àkọlé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa

Ohùn mẹ́ta tí mo fi sórí gúrúùpù lálẹ́ àná ni wọ́n bá wa kọ sílẹ̀ síbí, nítorí àwọn tí dátà wọn kì í gbé ohùn, àti àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ àkọlé ni. Àwọn kan bèèrè pé kí ló dé tí àkọlé mẹ́ta tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn wa fi rí bákan bákan. Ọ̀kan, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀. Èkejì, àwọn ọ̀rọ̀ kan ńlá, àwọn kan kékeré. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ní lẹ́tà ńlá. Ẹnìkan tún sọ pé ṣé ilé ìwé la wà ni, pé ẹni tó ń ta bàtà kò ní í fi lẹ́tà ńlá sanwó ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, ẹ máa rí ibi tí owó wà nínú ẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn oníwèé ìròyìn ń gbà kọ àkọlé lédè Òyìnbó. Ọ̀nà kìíní, wọ́n á fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó rù ìtumọ̀, wọ́n á fi àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó kàn ń so wọ́n pọ̀ sílẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ọ̀nà kejì, wọ́n á kọ ọ́ bí gbólóhùn lásán: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ńlá, orúkọ ènìyàn, ìlú àti iléeṣẹ́ ńlá, ìyókù kékeré. Ọ̀nà kìíní yẹn ló ń dà wá láàmú, torí náà òun ni mo máa kọ́kọ́ tú.

Ẹ mú àkọlé yìí, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ránṣẹ́ nígbà tí òjò gé ọ̀nà Jọ́ọ̀sì:

"Prices Go Up as Rain Cuts Off the Road to Jos"

Bí mo ṣe kọ ọ́ yìí ni ó ṣe tọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ méjì ló ti kọ́kọ́ gbà kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ fi fóònù rẹ̀ sọ gbogbo ẹ̀ di ńlá, ó di "As", "The", "To". Ẹni kejì wá gbọ́ níbì kan pé ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò bá tó mẹ́rin, kékeré ni kí á kọ ọ́. Ó bá sọ "go", "up" àti "off" di kékeré. Mo bi í pé, "Àbúrò, Jos náà lẹ́tà mẹ́ta ni, ṣé a máa kọ ọ́ ní kékeré ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òfin kan wà lóòótọ́ tó ń ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ń kà. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn àti ọ̀rọ̀-asopọ̀ nìkan ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ó ti wù kí wọ́n kúrú tó, ńlá ni wọ́n máa ń jẹ́. Ìdí nìyẹn tí "Go" fi jẹ́ ńlá bí lẹ́tà rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ méjì péré. Èyí tí àwọn ènìyàn ń ṣì jù ni "Is", "Are" àti "Be". Nítorí pé wọ́n kúrú, ojú á fò wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n, lẹ́tà ńlá tọ́ sí wọn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó kọ àkọlé mọ òfin, ẹ wo "Is" rẹ̀.

Ó wá ku "Up" àti "Off". Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà, torí ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ ńlá lónìí kó jẹ́ kékeré lọ́la. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn la máa wò. Tí ó bá jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀-ìṣe, ńlá ni. Tí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà tàbí ibi tí ó ti wá, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, kékeré ni.

Báwo la ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ gbìyànjú láti ṣí i nípò. "Cuts off the road": ẹ lè sọ pé "cuts the road off", Òyìnbó á gbọ́ yín. Ó ṣe é ṣí, a jẹ́ pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ẹ kọ ọ́ ní "Off". Ẹ wá wo òmíràn: "Trader Falls off Truck". Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ pé "falls truck off". Kò lọ! Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, ẹ fi í sílẹ̀ ní kékeré. Ti "Go Up" yẹn tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan lẹ́yìn "up" tí ó ń tọ́ka sí. Ó dá dúró pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, ńlá ni.

Ohun méjì ni mo máa fi kún un, kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ńlá ni wọ́n, ohun yòówù tí wọn ì báà jẹ́. Nínú "What Traders Are Waiting For", "For" jẹ́ ńlá nítorí pé òun ló parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé àmì oní-tóótó-méjì.

Ẹnìkan máa sọ pé òun rí ibi tí wọ́n ti kọ "From" ní ńlá, òun sì tún rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní kékeré, àwọn méjèèjì sì jẹ́ àwọn tó mọ iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ìwé òfin wọn ló yàtọ̀. Ìwé AP, tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ń lò, àti ìwé APA, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń lò, ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀-atọ́kùn tó bá ti tó lẹ́tà mẹ́rin nínú orúkọ ìwé àti àpilẹ̀kọ. Torí náà "From" àti "With" jẹ́ ńlá lọ́dọ̀ wọn. Ìwé Ṣikágò, tí àwọn tó ń tẹ ìwé ń lò, kò kà á rárá tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀-atọ́kùn, gígùn tàbí kúkúrú, kékeré ni. Àfi ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà kejìdínlógún jáde ní 2024 ni wọ́n yí i padà, tí wọ́n sọ pé èyí tó bá tó lẹ́tà márùn-ún kó di ńlá. Ẹ rí i pé "trade between Kano and Jos" máa gba "between" lábẹ́ ẹ̀dà 2017, ó sì máa gba "Between" lábẹ́ ẹ̀dà 2024. Ìwé kan náà ni o, ẹ̀dà ló yàtọ̀. Nítorí náà tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bá ń jiyàn lórí lẹ́tà ńlá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìwé wo àti ẹ̀dà wo. Lọ́pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni ìjà máa parí sí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á dé ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ rántí àwọn tó ń ta àwo nínú wa. Ìwé ìròyìn wa gbé àkọlé kan jáde pé "New China Plates Now in Kano". Oníbàárà kan ní Jọ́ọ̀sì kà á, ó sì fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa. Lójú tirẹ̀, àwo tó ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà wá ni. Àwo tánganran ni ẹni tó kọ ìròyìn ní lọ́kàn, torí pé "china" ni Òyìnbó ń pe tánganran, ibi yòówù tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí ẹrù dé tí kò rí àmì Ṣáínà lábẹ́ àwo, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí á tó parí ẹ̀, ìyá wa sì san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn mí sí. Kò sí àṣìṣe kankan nínú àkọlé yẹn! Lábẹ́ ọ̀nà kìíní, ì báà jẹ́ tánganran, ì báà jẹ́ orílẹ̀-èdè, "China" ni wọ́n máa kọ, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ti wọ fìlà, a ò mọ ẹni tó jẹ́ ọba mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà kejì, tó dà bí gbólóhùn lásán, "New china plates now in Kano" ń sọ tánganran, "New China plates" ń sọ Ṣáínà. Lẹ́tà kan ló là wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń ta pólíìṣì bàtà. "Traders Warn of Fake Polish": pólíìṣì ni àbí nǹkan àwọn ará Pólándì? "Traders warn of fake polish" kò ní wàhálà nínú. Àti "customs": lẹ́tà kékeré, àṣà ìbílẹ̀ ni, lẹ́tà ńlá, àwọn aṣọ́bodè ni, ẹ sì mọ̀ pé àwọn yẹn kì í ṣe ẹni tí à ń fi orúkọ wọn ṣeré.

Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo àkọlé ìròyìn àti ti ọjà, ọ̀nà kejì ni. Orúkọ àwọn abala tí kì í yí padà nìkan la fi sílẹ̀ fún ọ̀nà kìíní, bí "Prices of the Week", torí orúkọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ààlà rẹ̀ o: tí "Polish" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀nà kejì náà kò lè gbà yín, ńlá ló máa jẹ́ lọ́nàkọnà. Ẹ yí gbólóhùn padà kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ "Shoe polish".

Bí a ṣe fi ọwọ́ sí i báyìí, bàbá alága pè mí. Wọ́n ní, "Ádímìn, kí ló dé tí ẹ fi kọ mí ní kékeré?" Wọ́n rí "Shop owners meet chairman over levy". Mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, mo ní, "Ẹ má bínú sà, kì í ṣe ìwọ̀sí." Lóòótọ́, oyè tó bá ṣáájú orúkọ gan-an ló ń gba lẹ́tà ńlá. Tí oyè bá dá dúró láìsí orúkọ, kékeré ni, ì báà jẹ́ ti gómìnà, ì báà jẹ́ ti ààrẹ orílẹ̀-èdè. AP àti Ṣikágò, ẹnu wọn kò lórí èyí. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ máa fi orúkọ mi sí i nígbà náà." Ìdáhùn wọn bófin mu pátápátá. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ wọn nínú àkọlé tó ń bọ̀, ẹ ti mọ ìdí.

Ti èdè wa ńkọ́? Nítorí ìdajì ìwé ìròyìn wa, Yorùbá ni. Àwọn kan fẹ́ kí á gbé ọ̀nà kìíní wá síbẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn. Òfin Òyìnbó yẹn dúró lórí mímọ ọ̀rọ̀-ìṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-atọ́kùn. Nínú Yorùbá, ẹ wo "ní". "Ẹni tó ní ọjà", ọ̀rọ̀-ìṣe ni. "Ọjà wà ní Kánò", ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni. Ṣé a máa wá kọ ọ̀kan ní ńlá, ọ̀kan ní kékeré, nínú àkọlé kan náà? "Ti" náà ńkọ́: "ọjà ti dé" àti "ọjà ti Kánò". Ẹ máa lo wákàtí kan lórí àkọlé ọlọ́rọ̀ márùn-ún. Ẹ kọ Yorùbá bí gbólóhùn: "Owó àwo tánganran ti wálẹ̀ ní Kánò". Ó parí.

Ohun méjì péré ni kí ẹ ṣọ́ níbẹ̀. "Gb" jẹ́ lẹ́tà kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ṣùgbọ́n "G" nìkan ló ń di ńlá: "Gbogbo", kì í ṣe "GBogbo". Èkejì, bọ́tìnnì ìkọ̀wé Òyìnbó lórí fóònù kì í fẹ́ kí "i" dá dúró ní kékeré, torí lójú tirẹ̀ "èmi" ló túmọ̀ sí. Ẹ máa kọ "a ti rí i", òun á sọ ọ́ di "a ti rí I". Nínú àwọn àkọlé Yorùbá tó ń wọlé sí mi, èyí ló pọ̀ jù. Ẹ máa wá a lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán.

Àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà á ní ẹ̀rọ lè ṣe gbogbo ẹ̀. Ó lè ràn wá lọ́wọ́, kò lè ṣe é tán. Àwọn tó ń to àkọlé sínú Excel máa ń lo èyí:

```
=PROPER(A2)
```

Ó máa sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan di ńlá, á sì sọ gbogbo ìyókù di kékeré. NAFDAC á di "Nafdac". "Trader's" á di "Trader'S", nítorí lójú tirẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àmì kékeré yẹn. Kò sì mọ ọ̀rọ̀-atọ́kùn rárá. Nínú Word, "Capitalize Each Word" ń sọ "the" àti "of" náà di ńlá, "Sentence case" sì lè sọ orúkọ ìlú yín di kékeré. Ẹ lè fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe ìparí.

Èyí wá ni bí èmi àti akọ̀wé ṣe ń yẹ ìwé ìròyìn wò kó tó jáde. A kì í ka àkọlé nínú ìròyìn rẹ̀, torí ìtàn á gbé ojú wa lọ. A máa ń kó gbogbo wọn jáde sí ojú kan. Nínú Word, tí ẹni tó tò ó bá ti fi "Heading 1" sí àwọn àkọlé, ẹ ṣí "View", ẹ mú "Navigation Pane", gbogbo wọn á tò sí ẹ̀gbẹ́. Lórí fóònù, ẹ kàn dà wọ́n sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan sí ara yín. Èyí tó bá yàtọ̀ máa hàn lójú ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà lórí ara wọn.

Lẹ́yìn náà, a máa ń kà á láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan á pe ọ̀rọ̀, ẹnìkejì á dáhùn "ńlá" tàbí "kékeré", á sì sọ ìdí. "Jos." Ńlá, ìlú ni. "To." Kékeré, atọ́kùn ni. Tí kò bá rí ìdí sọ, a dúró níbẹ̀. Àkọlé mẹ́rìnlá kì í gbà wá ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Fún àwọn orúkọ abala, a tún máa ń lo ibi ìwákiri inú Word, a ó mú "Match case", a ó wá "Of" àti "The" pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, lẹ́yìn náà "is" pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, a ó sì wo èyí tó bá bọ́ sínú àkọlé.

Ó ku ibi tí àkọlé ń fara pamọ́ sí. Àkọlé kan náà wà nínú àpótí "ohun tó wà nínú" lójú ewé kìíní, ó wà lórí ìròyìn gan-an, ó wà níbi tí a ti kọ "ó kù lójú ewé kẹta", ó tún wà nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì Wọ́sáàpù tí a fi ń gbé PDF náà jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Wọ́n máa ń tún ti orí ìròyìn ṣe, wọ́n á gbàgbé mẹ́ta yòókù. Mo máa ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa fi wé ara wọn.

Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn ni àkọlé tí wọ́n fi gbogbo lẹ́tà ńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú Word, Ctrl+Shift+A á mú kí gbogbo lẹ́tà rí bí ńlá lójú, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ló ṣì wà. "neW cHina plates" á rí dáadáa nínú ìwé. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá dà á sínú Wọ́sáàpù ni àṣírí máa tú. Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ da irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì, kí ẹ wo bó ṣe jáde.

Tiwa ti oṣù yìí ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá ní ìròyìn, kó fi ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ ọjọ́rú, kó sì kọ àkọlé rẹ̀ bí gbólóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta àwo, ẹ sọ fún wa bóyá ti Ṣáínà ni tàbí tánganran lásán, kí akọ̀wé má baà máa méfò.